Iye Gàrí Tí Mo Sọ, àti Iye Tí Mo Kó

Gàrí Ìjẹ̀bú ni mo ń tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo ń yan án. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Èmi àti àwọn ọmọbìnrin méjì la jọ ń dì í sínú ọ̀rá ní kílò kọ̀ọ̀kan, tí ọkọ̀ sì ń gbé e lọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń rà á lọ́wọ́ wa ní Ṣágámù àti ní Èkó. Màmá kan ní abúlé kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń ṣe gàrí náà fún mi, òun pẹ̀lú àwọn obìnrin márùn-ún tí wọ́n jọ ń yan án lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Àdéhùn wa ni pé kí n máa sọ iye àpò tí mo rò pé màá fẹ́ ṣáájú, kí òun náà lè mọ iye ẹ̀gẹ́ tí yóò rà àti iye ènìyàn tí yóò pè. Àpò wa jẹ́ 50 kílò. Bí ọjà bá wà bó ṣe ń wà, àpò 16 ni mò ń kó lọ́sẹ̀.

Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ irú òwò yìí máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é tí ẹni tó ń yan gàrí fún mi kì í fi já mi kulẹ̀. Wọ́n rò pé owó ni, tàbí pé mo mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Ó ti já mi kulẹ̀ rí o. Èmi ni mo sì kọ́kọ́ já a kulẹ̀, kì í ṣe pé mo jẹ ẹ́ lówó, iye kan tí mo dá lẹ́nu ló fà á.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni. Oòrùn ń mú bí iná, irú àsìkò tí gàrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà máa ń wu ènìyàn ju oúnjẹ gbígbóná lọ. Gbogbo oúnjẹ ló sì ń gbówó lórí nígbà náà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pè mí láràárọ̀ pé kí n fi kún tiwọn. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé bí gbogbo wọn bá ra ohun tí wọ́n ní àwọn yóò rà, àpò 24 ni yóò tó mi lọ́sẹ̀ kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ń wò níwájú. Iye tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn, 24.

Nígbà tí mo pe Màmá, 36 ni mo sọ.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo gbọ́ pé àwọn oníṣòwò láti Èkó ti ń wọ abúlé wá, wọ́n ń san owó lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá ní 24 ni mo fẹ́, yóò ṣe 24, yóò tà díẹ̀ nínú rẹ̀ fún wọn, 18 ni yóò kù fún mi. Àmọ́ bí mo bá ní 36, bó ti wù kó rí, 24 kò ní wọ́n mi. Bí ó bá kù, ṣebí gàrí ni, gàrí kì í bàjẹ́ kíákíá, yóò rí ẹni tí yóò rà á. N kò rí i bí irọ́. Mo rí i bí ọgbọ́n. Ohun tí n kò rò rárá ni pé lẹ́yìn tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, ẹnì kan yóò mú iye yẹn, yóò sì fi náwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí 36 túmọ̀ sí lọ́dọ̀ Màmá, torí ó pẹ́ kí n tó mọ̀. Kí ènìyàn tó rí kílò gàrí kan, nǹkan bíi kílò ẹ̀gẹ́ mẹ́rin ààbọ̀ ni yóò wú jáde nínú ilẹ̀, torí èèpo, omi àti pàǹtí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àpò 36 jẹ́ 1,800 kílò gàrí, ìyẹn ń béèrè ẹ̀gẹ́ bíi tọ́ọ̀nù mẹ́jọ lọ́sẹ̀ kan, tọ́ọ̀nù 16 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tó ń rí irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ rà nídìí àtẹ. Oko ni Màmá lọ rà, odindi oko tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, lọ́wọ́ bàbá kan tó fẹ́ kí ilẹ̀ òun ṣófo kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé kí òun lè gbin àgbàdo. Ilẹ̀ ti le nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó àwọn tó ń wú u ju ti ìgbà òjò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn tí yóò yan án. Obìnrin kan ń yan nǹkan bíi 40 kílò lójúmọ́ nídìí agbada. Àwọn márùn-ún tó ní, bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà láìsinmi, 1,200 kílò ni wọ́n lè yan, àpò 24 géérégé. Kí ó tó lè yan 36, ó ní láti pe obìnrin mẹ́ta mìíràn, ó ra agbada mẹ́ta, ó mọ ààrò mẹ́ta tuntun pẹ̀lú amọ̀, ó sì gbé àtíbàbà sí iwájú.

Kò béèrè àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní mo ti sọ ọ́, ó parí.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, àpò 22 ni mo kó. Ọ̀sẹ̀ kejì, 20. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ń pè mí láràárọ̀ ti ra èyí tí yóò tó wọn, ọjà sì rọlẹ̀. Nínú àpò 72 tí mo sọ, 42 ni mo kó. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì mo rí àwọn ààrò tuntun náà, amọ̀ wọn ṣì pupa, mo sì yìn ín pé iṣẹ́ ń gbòòrò. Ó wò mí. Ó ní, “Kò burú, ọmọ mi.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bá a kọ ìwé sọ fún mi bó ṣe parí. Wọ́n ti wú ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó sọ pé 20 ni mo fẹ́, ẹ̀gẹ́ tí a bá sì ti wú, kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí inú rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Wọ́n ní láti bó o, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n yan án. Gàrí tó kù, wọ́n kó o lọ sọ́jà, wọ́n tà á ní iye tí wọ́n ń ta gàrí lásán, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lọ lórí àwìn. Àwọn obìnrin mẹ́ta náà padà sílé wọn. Màmá ta agbada mẹ́ta náà kó lè san owó oko tó kù. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí, n kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, mo gbà pé ó ti kọjá, pé a óò máa bá iṣẹ́ wa lọ.

Kò tíì kọjá. Ní ọdún 2024 yẹn, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ẹni tó bá ti gbé Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí ìlú ṣe máa ń kún ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé yóò dé pẹ̀lú aṣọ wọn, àwọn ẹlẹ́ṣin yóò dé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Èkó, tó wà ní òkè òkun, gbogbo wọn ń bọ̀ wálé. Bí wọ́n bá sì ń padà, gàrí wà lára ohun tí wọ́n ń dì lọ. Mo ṣírò rẹ̀ tọkàntọkàn, mo rí 28. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ti pinnu pé n kò ní bù mọ́ ọn mọ́. Ní ìparí oṣù karùn-ún mo pe Màmá, mo sọ 28, òtítọ́ pọ́ńbélé.

Ìgbà tí mo gbé ọkọ̀ dé ibẹ̀, àpò 18 ni wọ́n tò sílẹ̀.

Mo pariwo. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo pariwo mọ́ ìyá tó lè bí mi. Ó jẹ́ kí n parí, ó wá ní, “Ìgbà tí o sọ 36, o kó 22. Ìgbà tí o wá sọ 28, mo bi ara mi pé kí ni yóò kó? Mo rò ó, mo rí 17. Mo fi ọ̀kan lé e fún ọ.”

Nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń padà ni mo ṣe ìṣirò náà lórí fóònù mi. Bí a bá ń dín 36 kù di 22, tí a sì dín 28 kù ní ìwọ̀n kan náà, 17 ló ń jáde lóòótọ́. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Mo ti kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbọ́ mi, ó sì gbọ́ mi bí mo ṣe kọ́ ọ. Ohun tó ń bàjẹ́ nígbà tí ènìyàn bá bù mọ́ iye ju gàrí ọ̀sẹ̀ yẹn lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bù kúrò, ìwọ náà yóò rí i pé ó ń bù kúrò, ìwọ yóò tún bù kún un sí i. Títí tí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi máa sọ iye tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbà gbọ́.

Àpò mẹ́wàá tó kù, ọjà ni mo ti rà á. Àsìkò òjò ni, gàrí ọjà náà kò gbẹ tó, kò sì kan bó ṣe yẹ kí gàrí Ìjẹ̀bú kan. Mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí mo ṣe bù ú, ó ń lẹ̀ mọ́ra. Mo dì í bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti di kókó nínú ọ̀rá, òmíràn ti hu funfun. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó dá 300 padà nínú 500 tí mo dì láti inú àpò mẹ́wàá yẹn, wọn kò sì rajà lọ́wọ́ mi mọ́ títí dòní.

Oṣù keje ni mo padà lọ bá Màmá. Mo mú àkàrà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀, mo sọ òtítọ́ nípa 36 yẹn fún un. Mo sọ pé 24 ló wà lọ́kàn mi. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní ó sàn kí n mọ̀ ju kí n tọrọ àforíjì lọ, kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun. N kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ṣùgbọ́n mo lo ọjọ́ mẹ́rin, mo sì bá wọn bó ẹ̀gẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí n kì bá mọ̀ láé. Mo ti rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: àpò mélòó? Àmọ́ fún Màmá, ìbéèrè mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àkókò tirẹ̀ tó ń béèrè ìdáhùn.

Èyí tó súnmọ́ jù ni ti àwọn ènìyàn. Bí ó bá fẹ́ kí àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i, ó ní láti sọ fún wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Lẹ́yìn bíbó ni fífọ̀ àti lílọ̀, wọn yóò wá rọ ọ́ sínú àpò, yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán kí ó lè kan, nígbà mìíràn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó fi jáàkì tẹ omi rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n yan án. Kò sí ohun tí mo lè sọ lọ́jọ́ Ajé tó lè di gàrí Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ẹni tó bá ṣe é fún mi láàárín ọjọ́ méjì ti dín ọjọ́ kíkan rẹ̀ kù, àwọn oníbàárà mi yóò sì mọ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀gẹ́. Màmá kò lè gbin ẹ̀gẹ́ nítorí iye tí mo bá sọ, torí ó ń tó nǹkan bí ọdún kan kí ẹ̀gẹ́ tó gbó dáadáa. Oko ẹlòmíràn ló ń rà. Láti rí oko, láti dúnàádúrà, láti san owó, láti wá ọkọ̀ tó lè wọ inú oko, ó tó oṣù kan.

Èyí tó jìn jù ni èyí tó yà mí lẹ́nu jù: igi ìdáná. Oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Igi tútù kì í jó dáadáa, èéfín rẹ̀ ń kó sínú gàrí, iná rẹ̀ kì í mú agbada gbóná déédéé, gàrí yóò sì yọ jáde láìgbẹ. Igi tí Màmá ń dá nínú oṣù kẹfà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti rà á, kí oṣù kẹta tó parí, ó sì tò ó sábẹ́ páànù. Ó jẹ́ pé nígbà tí mo pè é ní ìparí oṣù karùn-ún nípa Ojúde Ọba, ká ní ó gba 28 náà gbọ́, kò ní igi tó máa yan án. Mo ti pẹ́ ju oṣù méjì lọ kí n tó lanu.

Nítorí náà a tún àdéhùn wa ṣe, ó sì rí báyìí di òní. Ọ̀sẹ̀ méjì tó wà níwájú wa, iye tí mo bá sọ ti di gbèsè lọ́rùn mi: mo ta á o, n kò tà á o, màá kó o, màá sì sanwó rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé ìkẹfà, ó lè fi iye tí mo sọ ra ẹ̀gẹ́, bí n kò bá sì kó o tó bẹ́ẹ̀, èmi àti òun yóò pín àdánù ẹ̀gẹ́ náà sí méjì. Ohun tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ìfojúdá lásán ni, ó lè fi ra igi, torí igi kì í bàjẹ́ bí páànù bá bò ó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ra oko tàbí agbada. Màmá ló mú ọ̀rọ̀ pínpín àdánù wá. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo mọ̀ pé iye tí mo bá sọ lè mú owó kúrò lápò mi, ẹnu mi kò tún yá láti bù mọ́ ọn.

Alaalẹ́ Sátidé ni mo ń fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i lórí wọ́ọ̀sápù, ọmọ rẹ̀ yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àpò ni mo ń sọ, n kì í sọ iye ọ̀rá, torí kò sí ohun tí 800 ọ̀rá túmọ̀ sí lábẹ́ àtíbàbà. Fún àwọn ọ̀sẹ̀ tó jìn, iye méjì ni mo ń sọ: èyí tó dá mi lójú pé kò ní dín sí i, àti èyí tí mo rò pé yóò jẹ́. Bí nǹkan bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀, n kì í dúró de Sátidé, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ọjà ń rọlẹ̀. Ìròyìn pé ọjà ń lọ sókè, ẹnu máa ń yá wa láti sọ ọ́. Èyí tó ń rọlẹ̀ la máa ń gbé mì, à ń retí pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nínú ilẹ̀ lè dúró. Èyí tí wọ́n ti wú kò lè dúró. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí n pè ní ọjọ́ Ajé àti kí n pè ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ ìwé kan. Lápá kan, iye tí mo sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Lápá kejì, iye tí mo kó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin mo rí i pé bí mo bá sọ 20, 16 tàbí 17 ni mò ń kó, léraléra, bẹ́ẹ̀ n kò mọ̀ọ́mọ̀ bù mọ́ ọn rárá. Mo wá ìdí rẹ̀ títí. Ohun tó ń tàn mí jẹ ni ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń ní kí n kó wá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé gàrí fẹ́ wọ́n, wọ́n á ní kí n kó ìlọ́po méjì wá, èmi náà á rò pé ènìyàn ń jẹ gàrí sí i. Wọn kò jẹ ẹ́ sí i, orí àtẹ ló wà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀bù náà kò ní ra ohunkóhun. Nísinsìnyí, kí n tó béèrè iye tí wọ́n fẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè iye tó kù lórí àtẹ wọn. Àwọn kan kì í fẹ́ sọ. Tiwọn ni mo ń dín kù kí n tó kó o pọ̀ mọ́ iye tí mo ń sọ fún Màmá.

Oṣù kejì ọdún 2025, mo ń múra Ojúde Ọba ọdún náà sílẹ̀ kí igi ìdáná má bàa wọ́n. Mo ṣí ìwé mi, mo wo ọ̀sẹ̀ tí gàrí ta jù ní 2024, mo sì sọ fún Màmá pé ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹfà ni yóò jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé o rò pé òṣùpá ń wo kàlẹ́ńdà rẹ ni? Iléyá yóò tètè dé ju ti èṣí lọ.” Mùsùlùmí ni òun, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé lọ́dọọdún, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba sì bọ́ sí ní 2025. Ká ní kò sọ̀rọ̀ ni, gàrí mi ì bá dé lẹ́yìn tí àlejò ti lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kí n máa jẹ́ kí ó gbọ́ bí mo ṣe dé ibi iye kan, kì í ṣe iye náà nìkan, torí ó lè mọ ohun tí n kò mọ̀.

Mo sọ 22 tí kò ní dín, mo sì sọ 28 tí mo rò pé yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin márùn-ún kò lè yan ju 24 lọ lọ́sẹ̀ kan, àwọn agbada mẹ́ta tí ì bá gbà wá sì ti lọ nítorí irọ́ mi. Mo fẹ́ kí ó ra òmíràn. Ó kọ̀, ó ní òun kò ní ra agbada nítorí ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Òun ló mú ọ̀nà mìíràn wá: láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí wọ́n máa fi àpò méjì-méjì kún 16 tí wọ́n ń yan, àpò mẹ́jọ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ Iléyá fúnra rẹ̀, 20 péré ni wọn yóò yan, kò sí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ọdún. Gàrí tí a bá yan gbẹ dáadáa lè pẹ́ tó oṣù mélòó kan. Èmi ni mo gba ìpamọ́ rẹ̀: mo san owó àpò mẹ́jọ náà bí wọ́n ṣe ń yan wọ́n, mo kó wọn sínú àpò tó ní ọ̀rá nínú, mo gbé wọn ka orí pákó kí ilẹ̀ má bàa mú wọn tutù.

Kò lọ geere. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún tó dé, òjò ba ọ̀nà oko jẹ́, ọkọ̀ kò lè wọlé fún ọjọ́ méjì, àpò mẹ́ta wọ́n nínú iye ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn mẹ́jọ tí mo ti kó pamọ́ ló gbà mí. Ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ní kí n kó àpò mẹ́rin wá yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí ẹ̀gẹ́ ti wà nílẹ̀. Mo pe Màmá lọ́jọ́ náà gan-an, ó rí ẹni tó gba díẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi àti òun sì pín àdánù èyí tó kù. Owó náà dùn mí nígbà tí mò ń kà á. Ní àpapọ̀, àpò 25 ni mo tà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. N kò ra gàrí ọjà kankan.

Láti ìgbà náà, Màmá kì í bù kúrò nínú iye tí mo bá sọ mọ́. Mo mọ̀ torí mo béèrè. Ó ní òun ṣì ń fi ọ̀kan pamọ́ lọ́kàn òun, àpò kan péré, fún ìgbà tí mo bá gbàgbé ara mi.

Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti sọ iye ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó wà níwájú, ó fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Iléyá 2026 yóò tún tètè dé sí i, ní apá ìparí oṣù karùn-ún. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ra igi lọ́rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí ẹni tó ń ta igi fẹ́ gba owó rẹ̀ kí oṣù kejì tó tán. Mo ní kí ó ra mẹ́ta, pé màá sọ ti ìkẹrin fún un lẹ́yìn tí mo bá ti béèrè ohun tó kù lórí àtẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù.